Ìbọ̀wọ́ Kan Kò Lè Bá Jórinjórin, Bíríkìlà àti Akunlé Mu

Ẹni tó bá gba Òyìngbò wọ inú Èbúté Mẹ́ta lónìí yóò rí i pé àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ ń dín kù. Wọ́n ń wó wọn, wọ́n sì ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta, mẹ́rin sí ojú kan náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò fẹ̀, nítorí náà gbogbo iṣẹ́ ló máa ń já lu ara wọn nínú ọgbà kan. Bíríkìlà ń po sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀, jórinjórin ń so irin àtẹ̀gùn mọ́ra lókè, akunlé sì ń fi tínà lú ọ̀dà nídìí géètì. Bí ọ̀gá iṣẹ́ náà bá jẹ́ ẹni tó ń ro ti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ ó rí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbọ̀wọ́ kan náà sì ni: èyí tí wọ́n fi òwú funfun hun, tí wọ́n wá fi rọ́bà aláwọ̀ búlúù tàbí aláwọ̀ ọsàn kun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n, ó sì ń di nǹkan mú dáadáa.

Ìbọ̀wọ́ yẹn wúlò gan-an. Ẹni tó ń kó búlọ́ọ̀kù gbígbẹ, tó ń ru pákó tàbí tó ń gbé ọ̀pá irin láti ibì kan dé ibòmíràn kò lè rí èyí tó dára jù ú lọ ní iye owó yẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Òwú yóò gbiná lọ́wọ́ jórinjórin, rọ́bà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò sì yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Omi sìmẹ́ǹtì yóò gba ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ náà, níbi tí rọ́bà kò dé, wọlé sí bíríkìlà lára. Tínà yóò gba inú òwú kọjá, yóò sì sọ rọ́bà náà di rọ̀bọ̀tọ̀ lọ́wọ́ akunlé. Bí a bá dé ìsọ̀, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni "Èló ni?" àti "Ṣé ó nípọn?" Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé kí ni yóò kan ọwọ́ mi lónìí, kí sì ni wọ́n fi ṣe ohun tí mo fẹ́ rà yìí. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìbọ̀wọ́ àti bàtà iṣẹ́ ló ní nǹkan tí kò lè bá ṣe. Ẹni tó bá mọ nǹkan náà ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, nítorí pé òun ni àwọn èèyàn kò kà sí ewu. Kò jọ iná, kò sì ní òórùn bí ásíìdì. Àwọn lébìrà ń fi ọwọ́ lásán po ó, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì sọ pé ó ti mọ́ àwọn lára. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti kan sìmẹ́ǹtì, ohun tó bí ẹfun tó wà nínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Lórí òṣùwọ̀n pH tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe ń bó ara, omi lásán wà ní 7, awọ ara èèyàn wà ní nǹkan bí 5.5, sìmẹ́ǹtì tútù sì wà láàárín 12 sí 13. Ìlọ́po mẹ́wàá ni àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí. Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ kò jìnnà sí ibi tí sìmẹ́ǹtì tútù wà yìí rárá.

Ohun tó jẹ́ kí ó tan èèyàn jẹ ni pé kì í ta èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn. Kọnkéré tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣe é dá dúró, nítorí náà àwọn tó ń fọ́n ọn yóò dúró sínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ọ̀sán yóò fi pọ́n. Bí bàtà wọn bá kúrú, kọnkéré yóò gba ẹnu bàtà wọlé. Bí wọ́n bá kúnlẹ̀ láti tẹ́ ojú rẹ̀ dọ́gba, omi rẹ̀ yóò rin ṣòkòtò wọn, aṣọ tútù náà yóò sì lẹ̀ mọ́ orúnkún. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun tí wọ́n ń gbọ́ lára kò ju pé ibẹ̀ tutù tàbí pé ó ń yún wọn lọ. Nígbà tí wọ́n bá bọ́ bàtà ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa rí i pé awọ ẹsẹ̀ ti pọ́n, ní ọjọ́ kejì ó ti lé ròrò, lẹ́yìn náà ibẹ̀ á dúdú, á sì jẹ wọnú ẹran. Egbò iná ni. Àwọn kan ti gba ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì ti ní kí wọ́n gé awọ láti itan wá fi bò ó.

Kí ni bíríkìlà yóò wọ̀ sí ọwọ́, nígbà náà? Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ awọ. Awọ ń mu omi sìmẹ́ǹtì, ó ń gbà á mọ́ra, bó bá sì gbẹ tán yóò le gbagidi, yóò sì sán. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú tí rọ́bà kò bò tán. Ìbọ̀wọ́ tó yẹ ẹ́ ni èyí tí wọ́n rì bọ inú rọ́bà láti orí ìka títí kọjá ọrùn ọwọ́, tí òwú wà nínú rẹ̀ láti máa mu òógùn. Rọ́bà náà lè jẹ́ náítíráìlì, ó sì lè jẹ́ PVC, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi. Méjèèjì ni sìmẹ́ǹtì kò lè rí gbé ṣe. Èmi yóò yan náítíráìlì fún ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù, nítorí pé yanrìn àti etí búlọ́ọ̀kù kì í tètè ha á ya. Kí gígùn rẹ̀ dé ìdajì apá, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ká etí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ láti orí ọwọ́ má bàa wọnú rẹ̀. Bí sìmẹ́ǹtì bá wọnú ìbọ̀wọ́, kí ó bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kí ó fọ ọwọ́ àti inú ìbọ̀wọ́ náà. Ìbọ̀wọ́ tí sìmẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀ burú ju ọwọ́ lásán lọ, torí pé ó ń dì í mọ́ ara ni.

Fún ẹsẹ̀, réènbúùtù ni, tó ga dé abẹ́ orúnkún. Ṣùgbọ́n réènbúùtù méjì ló wà lọ́jà, ojú kan náà ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Ọ̀kan ni èyí tí àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sí oko ẹrẹ̀: rọ́bà lásán ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìkejì ní irin níwájú ìka ẹsẹ̀, ó sì ní irin pẹlẹbẹ nínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ S5 sí i lára. Èyí tó bá jẹ́ S4 ní irin níwájú, ṣùgbọ́n kò ní ti àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí pákó àti ìṣó bá sì wà, S5 ni kí ẹ rà.

Nǹkan kejì wà nínú sìmẹ́ǹtì tó yẹ kí bíríkìlà mọ̀. Irú kírómíọ̀mù kan wà nínú rẹ̀ tí ara àwọn kan máa ń kọ̀ bó bá ti ń kàn wọ́n fún oṣù tàbí ọdún. Ọwọ́ yóò máa yún, yóò máa bó, yóò máa sán láàárín ìka. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ báyìí, kì í sábà gbà á mọ́ títí ayé ẹni náà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti 2005 ni òfin ti ní kí kírómíọ̀mù yìí má ju mílígíráàmù méjì lọ nínú kílò sìmẹ́ǹtì kan. Irú kírómíọ̀mù mìíràn ni wọ́n sábà fi ń sọ awọ màlúù di awọ ìbọ̀wọ́ àti awọ bàtà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ lè yí padà di irú ti inú sìmẹ́ǹtì nínú awọ náà. Nítorí náà, bíríkìlà tí sìmẹ́ǹtì ti bá ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ lè rí i pé ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n rà fún un láti fi gbà á là tún ń mú kí ọwọ́ náà máa yún sí i. Àwọn èèyàn á ní ayé ló ń ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó yí padà sí rọ́bà, kí ó sì rí dókítà awọ ara.

Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ bá jórinjórin báyìí. Awọ tí mo sọ pé kí bíríkìlà yẹra fún ni òun nílò, ohun tí mo sì ní kí bíríkìlà wọ̀ lè jó òun lọ́wọ́. Irin tó yọ́, tó ń ta sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, gbóná tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Náílọ́ọ̀nù àti pọ́lísítà ń yọ́ ní nǹkan bí 220 sí 260. Bí ẹ̀ta iná bá bọ́ sórí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi wọ́n ṣe, wọ́n á yọ́, wọ́n á lẹ̀ mọ́ awọ ọwọ́, bí ẹ bá sì fà á kúrò, awọ ọwọ́ yóò bá a lọ. Awọ màlúù kì í yọ́. Ojú rẹ̀ á jó díẹ̀, á dúdú, á sì dá iná náà dúró. Ìdí nìyẹn tí awọ fi wà lọ́wọ́ jórinjórin títí di òní.

Fún ẹni tó ń fi ọ̀pá ìjórin lásán ṣiṣẹ́, tí iná ń ta púpọ̀, awọ màlúù tó nípọn, tó gùn dé ìdajì apá, tó sì ní aṣọ nínú, ni. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ gáàsì jó irin tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí irin tí kì í dípẹtà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe irin ìfọwọ́tì àtẹ̀gùn. Iná kì í ta púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń dì mú. Awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ ló yẹ wọ́n. Lára ìbọ̀wọ́ gidi, ẹ ó rí EN 12477, tí A tàbí B tẹ̀ lé e. A ni ti awọ tó nípọn, B ni ti èyí tó fẹ́lẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn èèyàn wa ní ìtàkutà ni awọ tí kì í ṣe awọ. Ẹlẹ́rù á ní, "Ọ̀gá mi, ojúlówó ni, ẹ fọwọ́ kàn án." Ẹ fọwọ́ kàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ yí etí rẹ̀ padà, níbi tí wọ́n ti gé e. Awọ gidi rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó sì rí irun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó so kọ́ra nínú rẹ̀. Ayédèrú jẹ́ aṣọ nísàlẹ̀, tí wọ́n wá fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bò lókè. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ gé bíńtín lára etí rẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣáná kàn án níta gbangba. Awọ yóò rùn bí irun tó jó, yóò sì di eérú tó ń rún. Ọ̀rá yóò yọ́, yóò kán sílẹ̀, èéfín rẹ̀ yóò sì dúdú. Ẹ ṣe bákan náà fún okùn tí wọ́n fi rán an. Mo ti rí ìbọ̀wọ́ tí awọ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi okùn pọ́lísítà lásán rán an. Kò pẹ́ tí ẹ̀ta iná jó okùn náà ní àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ibẹ̀ sì là bí ẹnu. Okùn tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ́fúlà, tí iná kì í tètè jó.

Awọ náà ní òpin tirẹ̀. Jórinjórin máa ń fi ìbọ̀wọ́ gbé irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán, èyí tó ṣì ń pọ́n. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ kò jó, ṣùgbọ́n awọ náà ti ń súnkì, ó sì ń le. Láìpẹ́ kò ní ṣe é ká mọ́. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń mú irin gbígbóná. Omi náà ni ọ̀tá awọ. Ẹnu ẹ̀rọ ìjórin tó wà ní títàn, tí kò tíì máa jó irin, máa ń ní nǹkan bí fólítì 50 sí 80. Ìbọ̀wọ́ gbígbẹ ń dá ìyẹn dúró. Èyí tí òógùn ti rin gbingbin kì í dá a dúró mọ́, pàápàá bí ẹni náà bá jókòó lórí irin tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láti àárọ̀ dé alẹ́ nínú ooru Èkó nílò méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tó bá ń fi ìkejì ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàtà jórinjórin kò gùn. Kí ojú rẹ̀ jẹ́ awọ látòkè délẹ̀, láìsí ibi kankan tó jẹ́ aṣọ nẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Okùn bàtà ni ẹ̀ta iná máa ń wọ́ sí, nítorí náà èyí tó dára jù ni èyí tí awọ bo okùn rẹ̀ tàbí èyí tí kò ní okùn rárá. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí bàtà láti ìta. Ẹni tó bá ki ṣòkòtò bọnú bàtà ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún iná nìyẹn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bàtà náà fún HRO. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lé irin tó gbóná tó 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú kan, kò sì yọ́. Rọ́bà tó le, tó sì wúwo ni wọ́n sábà fi ń ṣe irú rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ PU tó fúyẹ́, tó rọ̀ bíi kànrìnkàn, tó pọ̀ lọ́jà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ọgbà ńlá bíi ti rélùwéè tó wà ní Èbúté Mẹ́ta níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, iṣẹ́ ní ààyè tirẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń jó irin yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń kun ọ̀dà. Ní ìsọ̀ ẹ̀bá títì, ọmọṣẹ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ fi bẹntiróòlù tàbí tínà nu gíríìsì kúrò lára irin, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà yóò gbé ọ̀pá ìjórin. Awọ náà ti mu bẹntiróòlù. Ẹ̀ta iná kan péré ló kù. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, bí ọ̀gá ìsọ̀ kan bá máa fi ẹyọ kan ṣoṣo sọ́kàn, kí ó jẹ́ èyí: ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi fọ irin kò gbọ́dọ̀ débi iná.

Ó ku akunlé, àti gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan kẹ́míkà: àwọn tó ń tún bátìrì ṣe, àwọn tó ń po ọṣẹ àti ìfọ̀nù, àwọn tó ń fọ ẹ́ńjìnnì. Ibí yìí ni ojú ti máa ń tan èèyàn jù, nítorí pé kẹ́míkà lè gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá láìsí ihò kankan lára rẹ̀. Yóò rọra wọnú rọ́bà náà láti ìta, yóò sì jáde nínú. Ìbọ̀wọ́ á ṣì wà ní odidi, ọwọ́ á gbẹ, síbẹ̀ kẹ́míkà ti dé awọ ara. Àkókò tó gbà á láti kọjá ló yàtọ̀. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó sì lè jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, ohun tí wọ́n fi ṣe ìbọ̀wọ́ àti kẹ́míkà tó kàn án ló ń sọ èyí tó máa jẹ́.

Ẹ mú náítíráìlì, èyí tí mo yìn tán fún bíríkìlà. Bẹntiróòlù, dísẹ̀lì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò rí i gbé ṣe, ó sì gba omi bátìrì mọ́ra, ìyẹn ásíìdì sọ́fúríìkì tó jẹ́ nǹkan bí 37 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ásítóònù bá kàn án, yóò wú, yóò rọ̀, kò sì ní pẹ́ kọjá nínú rẹ̀. Rọ́bà igi, tó ń wá láti ara igi rọ́bà tí wọ́n ń gbìn ní ìhà Oǹdó àti Ẹdó, gba omi bátìrì àti kọ́sítíìkì sódà dáadáa, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù àti ọ́ìlì ń bà á jẹ́. Bútáìlì ni ti ásítóònù. Kò wọ́pọ̀, ó sì wọ́n, bẹntiróòlù náà sì ń jẹ ẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìṣòro akunlé ni pé tínà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹni tó pò ó lè ti fi tọ́lúìnì sí i, ó lè ti fi ásítóònù sí i, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Nítorí náà ẹ ka ara agolo rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ka ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ kẹ́míkà tó jẹ́ gidi ní àwòrán ìgò kékeré kan lára, EN ISO 374-1 sì wà nítòsí rẹ̀, àwọn lẹ́tà kan á wà lábẹ́ àwòrán náà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún kẹ́míkà tí wọ́n ti fi dán an wò. B ni ásítóònù, F ni tọ́lúìnì, J dúró fún àwọn ohun tó dà bí bẹntiróòlù, K ni kọ́sítíìkì sódà, L sì ni ásíìdì sọ́fúríìkì tí wọn kò bomi là. Bí lẹ́tà kẹ́míkà yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ má ṣe gbà pé ó lè dá a dúró. Bí ẹ bá rí "Type A" lára rẹ̀, kẹ́míkà mẹ́fà ó kéré tán ni wọ́n fi dán an wò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì kọjá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. "Type C" jẹ́ kẹ́míkà kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀, tí àwọn akunlé fẹ́ràn, kò lè dá tínà dúró ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá rí òmíràn, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ ní kété tí tínà bá ti ta sí i.

Ọ̀nà kan wà tí ẹni tí kò rí lẹ́tà kankan kà lè gbà dán ìbọ̀wọ́ wò. Kí ó gé ìwọ̀n ìka kan lára ògbólógbòó ìbọ̀wọ́ irú rẹ̀, kí ó fi sínú ìgò tínà tó fẹ́ lò, kí ó dé e, kí ó sì wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá wú, tó ká kò, tó rọ̀ tàbí tó ya láìfi agbára fà á, kò bá iṣẹ́ náà mu. Ṣùgbọ́n bí kò bá yí padà, ìyẹn kò sọ pé kẹ́míkà kò kọjá nínú rẹ̀. Èyí tó burú nìkan ni ìdánwò yìí lè fi hàn yín.

Fún ẹsẹ̀ àwọn tó ń fọwọ́ kan ásíìdì àti kọ́sítíìkì, bàtà awọ kò dára, nítorí pé ohun tí awọ bá ti mu, kò ṣe é fọ̀ jáde mọ́. Ẹni tí omi bátìrì bá ta sí bàtà awọ rẹ̀, tó sì ń wọ̀ ọ́ lọ, yóò máa fi ẹsẹ̀ kan án lójoojúmọ́. Kí ó sọ ọ́ nù, kí ó wọ S5.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i lórí bàtà, nítorí pé gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń rìn lórí ilẹ̀ kan náà. Ní 1 May 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní òpópónà Ìbàdàn ní Èbúté Mẹ́ta, èèyàn tó kú níbẹ̀ kò dín ní mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti rí òkìtì irú ilé bẹ́ẹ̀, yálà èyí tó dá wó tàbí èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wó kí wọ́n lè kọ́ tuntun, mọ ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀: irin tó dá sí wẹ́wẹ́, pákó tí ìṣó rẹ̀ kọjú sókè, àti páànù. Ẹni tó wọ sálúbàtà débẹ̀ kò ní pẹ́ tẹ ìṣó. Irin pẹlẹbẹ inú àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gba èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀, òun ni S3 dúró fún lára bàtà awọ. Nísinsìnyí àwọn kan ń fi aṣọ líle tí wọ́n hun dípò irin náà, kí bàtà lè fúyẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá níbi tí ìṣó ńlá kò ti lè kọjá. Níbi tí ìṣó pákó bá pọ̀ sí, irin ni kí ẹ rà.

Irin ìka ẹsẹ̀ náà, wọ́n dán an wò pẹ̀lú agbára tó tó ti irin oníkílò ogún tó já láti òkè mítà kan. Ó tó fún búlọ́ọ̀kù tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n kò tó fún búlọ́ọ̀kù tó já láti orí àjà kejì. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì lọ sí ìsọ̀. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ iwájú bàtà, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọ̀rá líle ṣe, tó sì dára, ó sì lè jẹ́ páálí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Bó bá tẹ̀ rárá, ẹ fi sílẹ̀. Bí nǹkan wúwo bá sì ti já lù ú nígbà kan rí, bàtà náà ti parí iṣẹ́, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ bà jẹ́.

Òkìríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, ní Yábàá tàbí ní Kàtàngówà, mi ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí bàtà tuntun wọ́n. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ PU ń ti inú bàjẹ́ bí ọ̀rinrin bá ti ń wọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Bàtà á máa dán lójú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì iṣẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà gbígbẹ. Ẹ wo inú ahọ́n bàtà tàbí abẹ́ rẹ̀ fún oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, nítorí pé bàtà gidi ní i. Bó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ, tó sì jẹ́ PU, ẹ má rà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ po, kí ẹ sì fi èékánná tẹ etí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá sán tàbí tó ń rún, ó ti tán. Àtẹ́lẹsẹ̀ rọ́bà ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni èmi yóò wá nínú òkìríkà.

Ibì kan wà tí kò sí ìbọ̀wọ́ tó dára fún un, ìyẹn nídìí ohun tó ń yí bírí bíi ẹ̀rọ ìlurin tó dúró lórí tábìlì àti ayùn tó ń yí. Ìbọ̀wọ́ ló máa ń kọ́ mọ́ ọn, òun ló sì máa ń fa ọwọ́ wọlé. Níbẹ̀, kí ọwọ́ wà ní òfìfo.

Bí sìmẹ́ǹtì, ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì bá ti kan ara, ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀wọ́ kúrò, kí ẹ sì da omi tó ń ṣàn lé ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n dànù kí omi tó kàn án. Ẹ má fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bí kò bá tíì máa dun yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé àti ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, láti 1987 ni Òfin Àwọn Ilé Iṣẹ́ ti sọ pé ní ilé iṣẹ́ tí omi tàbí ohun tó lè pa ara lára bá ti ń kan òṣìṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ pèsè ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bá iṣẹ́ náà mu fún un; ó yẹ kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ń na owó lórí páálí ìbọ̀wọ́ kan náà fún gbogbo èèyàn, ẹ pín owó yẹn sí mẹ́ta: awọ tí wọ́n fi kẹ́fúlà rán fún jórinjórin àti ọmọṣẹ́ rẹ̀, náítíráìlì tó gùn fún bíríkìlà àti lébìrà, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ bá tínà yín mu fún akunlé. Ẹ kó wọn sínú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé ti ọmọṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ọ̀gá rẹ̀.